Ṣé akẹ́kọ̀ọ́ lè fi àìsàn ṣe àwáwí nínú lẹ́tà kó lè lọ sí Hájì?

Ìbéèrè: Ààfáà, asàlámù aláékúmù. Mo wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì. Bàbá mi fẹ́ kí a jọ lọ sí Hájì 2026, wọ́n sì ti san díẹ̀ nínú owó tèmi. Ètò ìpínlẹ̀ wa máa ń gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún, lẹ́kíṣọ̀ á sì ṣì máa lọ lọ́wọ́. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n kọ lẹ́tà pé ara mi ò yá, pé òun á máa bá mi fọwọ́ sí ìwé wíwá. Ṣé ó burú, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ ọ̀nà Ọlọ́hun ni mò ń lọ?

Ìdáhùn: Wa aláékúmù sàlámù. Ó burú, má ṣe é. Nínú Súrátù Bákárà, aya 197, Ọlọ́hun ní ẹni tó bá gbé Hájì dání kò gbọdọ̀ hu ìwà ẹ̀ṣẹ̀ nínú rẹ̀. Báwo ni a ó ṣe wá fi irọ́ ṣí ọ̀nà irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀? Ti ọ̀rẹ́ rẹ tún wúwo sí i: ẹ̀rí èké ni fífọwọ́ sí ìwé fún ẹni tí kò sí níbẹ̀, Ànọ́bì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sì ka ẹ̀rí èké mọ́ àwọn ẹ̀ṣẹ̀ ńlá.

Ohun tó ń fa irọ́ yìí ni pé ọ̀pọ̀ rò pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún gan-an ni Hájì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kẹjọ oṣù Súlúhíjà ni àwọn alálàájì ń lọ sí Mínà, ọjọ́ kẹsàn-án ni dídúró ní Árafà, wọ́n á sun Músídálífà lóru, wọ́n á sì sọ òkò ní ọjọ́ kẹwàá, ìkọkànlá àti ìkejìlá. Aya 203 nínú súrà kan náà sọ pé ẹni tó bá yára kúrò lẹ́yìn ọjọ́ méjì kò ní ẹ̀ṣẹ̀. Lọ́dún 2026, ìṣirò kàlẹ́ńdà gbé Árafà sí ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún, nítorí náà àwọn ọjọ́ iṣẹ́ Hájì bọ́ sí 25 sí 29. Oṣù lè sún un ní ọjọ́ kan.

Bàálù tó ń kó èèyàn ní ìsọ̀rí-ìsọ̀rí ló ń jẹ ọjọ́ tó kù, pẹ̀lú ọjọ́ mẹ́jọ tí ọ̀pọ̀ ń lò ní Mẹ̀dínà nítorí ogójì ìrun. Àbẹ̀wò Mẹ̀dínà dára púpọ̀, ṣùgbọ́n kò sí lára òpó Hájì, ọ̀pọ̀ onímọ̀ hádíìsì sì ti sọ pé ẹ̀gbàwá ogójì ìrun náà kò lágbára. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn ajẹ́ǹtì aládàáni tó ní ètò ọ̀sẹ̀ méjì. Ó lè wọ́n ju ti ìpínlẹ̀ lọ, ẹ ṣírò rẹ̀ dáadáa.

Ọ̀pọ̀ yunifásítì wa ló ní kí akẹ́kọ̀ọ́ wá sí ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún kó tó lè ṣe ìdánwò. Bí kọ́ọ̀sì kan bá ń wáyé lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 15, ìgbà 30 nìyẹn, o sì gbọ́dọ̀ wá ní 23. Ọ̀sẹ̀ méjì á jẹ mẹ́rin lára méje tí o lè pàdánù. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún á jẹ mẹ́wàá, o ti jáde nínú ìdánwò nìyẹn.

Nígbà náà ni kí o wá kọ lẹ́tà sí olórí ẹ̀ka, kó gba ọwọ́ olùdámọ̀ràn kíláàsì rẹ kọjá. Sọ pé Hájì ni o ń lọ, pẹ̀lú bàbá rẹ. Kọ ọjọ́ tí o fẹ́ lọ àti ọjọ́ tí o fẹ́ dé, sì sọ pé iléeṣẹ́ bàálù lè yí i padà, nítorí ọjọ́ gan-an kì í tètè jáde. Dárúkọ kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, ìgbà tí o máa pàdánù nínú rẹ̀, àti tẹ́ẹ̀sì tó bá bọ́ síbẹ̀, kí o sì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí o ṣe é ṣáájú tàbí lẹ́yìn. So ìwé ẹ̀rí ìforúkọsílẹ̀ Hájì mọ́ ọn. Gba ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí, má sì ka dídákẹ́ wọn sí ìyọ̀ǹda.

Bí wọ́n bá kọ̀ ńkọ́, tàbí tí ìdánwò bọ́ sí àárín rẹ̀? Owó bàbá rẹ ni, kì í ṣe tìrẹ. Lójú ọ̀pọ̀ onímọ̀, ẹ̀bùn owó ẹlòmíràn kò sọ Hájì di ọ̀ranyàn lórí ẹni tí kò ní tirẹ̀, kò sì pọn dandan kó gbà á. Nítorí náà, bí o bá sún un síwájú, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn rẹ. Ti bàbá rẹ tó ní owó yàtọ̀: nínú mázhàbù Màlíkì tí àwa ń tẹ̀ lé, àwọn onímọ̀ pín sí méjì lórí pé ṣé ojú ẹsẹ̀ ni ó di dandan tàbí ó ṣeé sún. Kí wọ́n lọ ní tiwọn lọ́dún yìí. Sọ èsì yunifásítì fún wọn kí wọ́n tó san èyí tó kù nínú owó tìrẹ, torí bí físà bá ti jáde, gbígba owó padà á ṣòro.