Iye kílò kan ni kí ẹ fi wé ara wọn, kì í ṣe iye ọ̀pá kan

«Ẹ káàsán o. Mo fẹ́ ra ọ̀pá irin 12 mìlímítà fún dẹ́kìn ilé alájà kan. Ṣọ́ọ̀bù kan sọ iye ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, èkejì ní òun yóò gbé e wá lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ̀kẹta ń sọ iye tọ́ọ̀nù. Báwo ni mo ṣe lè to gbogbo rẹ̀ sínú Google Sheets kí n mọ èyí tó dínwó jù?»

Iye kílò kan ni kí ẹ wá, nítorí pé ọ̀pá tí wọ́n ń pè ní 12 lọ́jà wa kì í wúwo bákan náà láti ṣọ́ọ̀bù kan dé òmíràn. Ọ̀pá 12 mìlímítà tó pé, tó sì gùn ní mítà 12, yẹ kó tó nǹkan bíi kílò 10.6, èyí tó mú kí bíi 93 nínú wọn jẹ́ tọ́ọ̀nù kan. Mo ti ra irin fún ilé tèmi àti fún àwọn ẹ̀gbọ́n mi, mo sì ti gbé ọ̀pá tí wọ́n pè ní 12 sórí ìwọ̀n tí kò tó kílò 9.5, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá fi ojú lásán wò ó kò ní rí ìyàtọ̀ kankan.

Ẹ fún ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ní ìlà kan, bẹ̀rẹ̀ láti ìlà kejì. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù wà ní A, ọjọ́ tí wọ́n sọ iye ní B, iye ọ̀pá kan ní C, gígùn rẹ̀ ní D, ìwúwo rẹ̀ ní E, owó ọkọ̀ fún gbogbo ẹrù ní F. Ẹ kọ àpapọ̀ kílò tí ẹ nílò sí J1, kí ẹ wá tẹ èyí sí G2, ibi tí iye kílò kan yóò ti jáde, kí ẹ sì fà á sísàlẹ̀:

```
=C2/E2+F2/$J$1
```

Àmì $ ni kò ní jẹ́ kí J1 yí padà bí ẹ ṣe ń fà á. Nọ́ńbà nìkan ni kí ẹ tẹ̀ sí C, E àti F, nítorí pé bí ẹ bá kọ «10,800 lọ́pàá kan», ọ̀rọ̀ ni yóò kà á sí, yóò sẹ́rí sí apá òsì, G yóò sì mú #VALUE! wá. Bí ẹ kò bá tíì wọn irin ṣọ́ọ̀bù kan, ẹ fi E rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. #DIV/0! tí ẹ óò rí níbẹ̀ wúlò gan-an, torí ó ń rán yín létí pé ẹ kò tíì lè fi ṣọ́ọ̀bù náà wé èyíkéyìí.

Ibi ìwọ̀n yìí ni iṣẹ́ wà. Wọ́n sábà máa ń ká ọ̀pá 12 sí méjì, nítorí náà ẹ fi tépù wọn ẹsẹ̀ méjèèjì láti ibi tó ti ká dé orí, kí ẹ sì ro wọ́n pọ̀. Kíká yẹn náà ló mú kó rọrùn láti gbé e kọ́ sórí ìwọ̀n tó ní ìkọ́. Ẹ má gbára lé wíwọn sísanra rẹ̀, torí àwọn ilà ara irin máa ń jẹ́ kó dà bíi pé ó sanra ju bó ṣe rí lọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan hàn yín, iye inú rẹ̀ kì í ṣe ti ọjà òní. Ká ní kílò 2000 ni ẹ nílò. Ṣọ́ọ̀bù kìíní ń ta ọ̀pá ní ₦10,800, ó wúwo ní kílò 10.6, owó ọkọ̀ jẹ́ ₦60,000: G rẹ̀ jẹ́ 1,049. Ìkejì ń ta tirẹ̀ ní ₦10,000, ó sì ń gbé e wá lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n mítà 11.5 péré ló gùn, kílò 9.2 ló sì wúwo: 1,087. Ẹ̀kẹta ní tọ́ọ̀nù jẹ́ ₦1,010,000, ẹ óò gbà pé òun ló dínwó jù, àfi ìgbà tí ẹ bá béèrè bó ṣe ń wọn tọ́ọ̀nù rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ọ̀pá 93 ló ń kà fún yín láìgbé e sórí ìwọ̀n, ẹ tẹ =1010000/93 sí C. Bí ọ̀pá rẹ̀ bá wúwo ní kílò 9.6, 1,131 ni kílò kan bọ́ sí, láìtíì ka owó ọkọ̀, òun ló sì wọ́n jù.

Tábìlì yìí kò mọ agbára irin o. Bí ìwé enjiníà bá ní 12, ọ̀pá tó tín-ín-rín kì í ṣe 12, bó ti wù kí kílò rẹ̀ pọ́ọ́kú tó, ẹ̀yin kọ́ lẹ sì máa pinnu iye ọ̀pá tí ẹ óò fi kún un láti dí i, enjiníà ni.

Bí ṣọ́ọ̀bù kan bá yí iye padà, ẹ ṣí ìlà tuntun pẹ̀lú ọjọ́ tuntun, ẹ má pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́. Lọ́jọ́ tí ẹrù bá dé, ẹ yọ ọ̀pá díẹ̀ láti àárín rẹ̀ kí wọ́n tó já a sílẹ̀, kí ẹ sì gbé wọn sórí ìwọ̀n, nítorí pé irin tí ẹ wọ̀n ní ṣọ́ọ̀bù lè má jẹ́ èyí tí wọ́n kó sínú ọkọ̀. Ẹ tẹ ìwúwo tuntun náà sí E. Bó bá jẹ́ kílò 10.1, G ṣọ́ọ̀bù kìíní yóò fò sí 1,099, ó ti wọ́n ju ti ìkejì lọ nìyẹn, ẹ sì ní nọ́ńbà lọ́wọ́ tí ẹ óò fi bá wọn sọ̀rọ̀ kí ẹ tó san ìyókù owó.