Áísíì 74153 àti 74138 nínú ìdánwò: lẹ́tà wo ló ń lọ sí ẹsẹ̀ wo?

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní ká fi mọ́tipulẹ́sà 4 sí 1 ṣe F(A,B,C) = Σm(1,4,5,6) láìlo géètì nọ́ọ̀tì, lẹ́yìn náà ká tún fi dikódà 74138 ṣe é. Gbogbo bí mo ṣe ń yà á, nọ́ọ̀tì ṣáá ló ń bèèrè. Kí ni kí n ṣe?”

Àbúrò, má fi àkókò ṣòfò lórí máàpù Kánọ̀ níbí. Mọ́tipulẹ́sà kò nílò kí o kọ́kọ́ dín F kù, torí àtẹ òtítọ́ gan-an lo máa gbé kà á lórí. Lẹ́tà mẹ́ta ló wà nílẹ̀, ẹsẹ̀ ìyàn méjì péré ni áísíì ní. Lẹ́tà méjì á lọ sí ẹsẹ̀ ìyàn, ẹ̀kẹta á wá wọlé láti I0 dé I3. Lẹ́tà tí o bá fi ṣe ẹ̀kẹta yìí ló máa sọ bóyá o nílò nọ́ọ̀tì tàbí o kò nílò rẹ̀.

Ó jọ pé A àti B lo fi sí ẹsẹ̀ ìyàn, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń kọ́ni. Tí o bá ṣe é bẹ́ẹ̀, ìlà 0 àti 1 á jọ wà lórí I0, 2 àti 3 á wà lórí I1, bẹ́ẹ̀ ni á ṣe máa lọ. Ohun tó máa jáde ni C, 0, 1, C'. C' tó gbẹ̀yìn yẹn ló ń bèèrè nọ́ọ̀tì.

Wàyí o, fi B àti C sí ẹsẹ̀ ìyàn, kí A ṣẹ́ kù. Àwọn ìlà tí B àti C wọn bára mu fi mẹ́rin jìnnà síra: 0 àti 4, 1 àti 5, 2 àti 6, 3 àti 7. Wo èyí tó wà nínú Σm nínú méjì kọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ èyí tó tóbi nìkan, A ni. Tó bá jẹ́ èyí tó kéré nìkan, A' ni. Tó bá jẹ́ méjèèjì, 1 ni. Tí kò bá sí ìkankan, 0 ni.

```
S1=B  S0=C
I0 (0,4) = A
I1 (1,5) = 1
I2 (2,6) = A
I3 (3,7) = 0
```

Kò sí A' níbẹ̀ rárá, o ti bọ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀tì. Kì í ṣe gbogbo F ló máa gbà bẹ́ẹ̀ o. Nínú F yìí kan náà, tó bá jẹ́ B ló ṣẹ́ kù, B' á jáde lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí náà, dán lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò lórí ìwé jákujàku kí o tó yàwòrán.

Tó bá di orí bọ́ọ̀dù, ibi tí mo ti rí i tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni orúkọ ẹsẹ̀. Lórí 74153, tó jẹ́ áísíì mọ́tipulẹ́sà 4 sí 1, A àti B ni wọ́n pe ẹsẹ̀ ìyàn, B ló sì wúwo jù. B ti ìbéèrè á lọ sí ẹsẹ̀ B, ṣùgbọ́n C ti ìbéèrè ló ń lọ sí ẹsẹ̀ A. Tí wọ́n bá gba ipò ara wọn, ìlà 1 á fún ọ ní 0, ìlà 2 á fún ọ ní 1, àwọn mẹ́fà yòókù á sì tọ̀nà. Ẹni tó bá dán ìlà mẹ́ta wò nìkan lè má rí i láé. Rántí pé ẹsẹ̀ 1G gbọ́dọ̀ wà ní 0, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ 0 ni áísíì á máa fún ọ ní gbogbo ìgbà.

Ó ku 74138. Àwọn ẹsẹ̀ ìyàn rẹ̀ ń jẹ́ A, B, C, C ló sì wúwo jù níbẹ̀. A ti ìbéèrè ló gbọ́dọ̀ lọ sí ẹsẹ̀ C, kí C ti ìbéèrè lọ sí ẹsẹ̀ A. Tí o bá so A mọ́ A àti C mọ́ C, ìlà 3 á di 1, ìlà 6 á di 0.

Ohun kejì ni pé 0 ni 74138 fi ń sọ̀rọ̀: ẹsẹ̀ tí o yàn á wálẹ̀ sí 0, àwọn méje yòókù á wà ní 1. Dikódà inú ìwé, tó ń fi 1 sọ̀rọ̀, géètì ọ́ọ̀ ló ń kó àwọn ìlà rẹ̀ jọ. Tí o bá gbé ọ́ọ̀ yẹn wá síbí, F kò ní kúrò ní 1 láé, torí ó kéré tán, mẹ́ta nínú ẹsẹ̀ mẹ́rin náà á wà ní 1. Nándì ló yẹ, ìdajì 7420 sì ti tó:

```
F = NAND(Y1, Y4, Y5, Y6)
G1=1  G2A=0  G2B=0
```

Tí F bá dúró sí 0 lórí gbogbo ìlà, àwọn ẹsẹ̀ G ni kí o kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bí ọ̀kan nínú wọn kò bá sí níbi tó yẹ, gbogbo Y á wà ní 1, nándì á sì fún ọ ní 0.

Tí F tí wọ́n fún ọ bá ní 1 lórí ìlà mẹ́fà, má wá nándì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà kiri. Mú Y ti ìlà méjì tí F ti jẹ́ 0, kí o fi géètì ándì kékeré kan so wọ́n pọ̀. Bí èyíkéyìí nínú méjèèjì bá wálẹ̀, F á wálẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, 1 ni.