Kọ̀ǹpútà Kò Mọ Ọjọ́ Tí Wọ́n Bí Ọmọ Yín

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 oṣù Kẹta 2026, ni ìyàwó mi bímọ. Atẹ̀wé ti tẹ káàdì kan wá fún àyẹ̀wò: "Ìsọmọlórúkọ ọjọ́ kẹjọ, Ọjọ́rú, 11 oṣù Kẹta, aago 8 àárò, Ojúlé 14, Òpópónà Awólọ́wọ̀, Èkó." Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mẹrin, kọ̀ǹpútà rẹ̀ ò sì fa ìlà pupa sí déètì àti àdírẹ́sì. Ṣé kó tẹ igba tó kù?

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu ọmọ, Ọlọ́run á dá a sí. Ẹ má jẹ́ kó tẹ ẹyọ kan sí i.

Ọ̀rọ̀ ìlà pupa yìí ti sú mi í gbọ́. Àkọtọ́ nìkan ni kọ̀ǹpútà ń wò, ti Yorùbá pàápàá kì í sábà yé e. Orúkọ tó tọ̀nà ló máa ń fa ìlà sí, á wá fi ọjọ́ tí kò tọ̀nà sílẹ̀ gedegbe.

Ẹ fi ìka kà á. Ọjọ́ ìbí fúnra rẹ̀ ni ọjọ́ kìíní, gẹ́gẹ́ bí ọjà ọrún tí wọ́n ná lọ́jọ́ Ajé ṣe ń padà bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Ìṣẹ́gun ọjọ́ 3 ni kìíní, Ọjọ́rú ni kejì, Ọjọ́bọ̀ ni kẹta. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ ó kà á títí, ọjọ́ Ajé á jẹ́ keje, Ìṣẹ́gun ọjọ́ 10 á sì jẹ́ kẹjọ. Ẹni tó kọ káàdì yìí ro 8 mọ́ 3 ni. Kàlẹ́ńdà ò lè tú àṣìṣe yìí síta, torí Ọjọ́rú ni ọjọ́ 11 lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà tó mọ ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ á kà á fúnra rẹ̀, á sì dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì ta àtíbàbà. Tó bá jẹ́ pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ sún un sí Ọjọ́rú ni, ẹ yọ "ọjọ́ kẹjọ" kúrò.

Ẹ gbé káàdì náà súnmọ́ ojú, kí ẹ wo "àárò". Àmì ìsàlẹ̀ ti bọ́ lára "o" ìgbẹ̀yìn. Àárọ̀ ni òwúrọ̀. Àárò ni ohun tó ń sọni nígbà tí a ò rí èèyàn ẹni. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ ò rí i, nítorí ohun tó wà lọ́kàn yín lojú yín ń kà. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ kọ ọ́ kà á sókè, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ̀yin máa fi ìka tẹ̀lé e lórí ìwé tí ẹ kọ nílé. Bí àmì bá tún ń bọ́, kí atẹ̀wé pààrọ̀ irú lẹ́tà tó ń lò, kó sì tẹ òmíràn wá.

Àdírẹ́sì ńkọ́? Awólọ́wọ̀ wà ní Ìkòyí, ó wà ní Ìkẹjà. Ẹ kọ orúkọ àdúgbò, kí ẹ fi ibùdókọ̀ tó súnmọ́ ọn jù lọ kún un.

Lórí owó àtúntẹ̀, mi ò lè dá ẹjọ́ àdéhùn tí mi ò rí, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti buwọ́ lu káàdì àyẹ̀wò, ọrùn yín ni wọ́n sábà máa ń gbé àṣìṣe kọ́. Ẹ fi nọ́ńbà fóònù kan sí i. Kí ẹ tó buwọ́ lù ú, ẹ tẹ nọ́ńbà náà bó ṣe wà lórí káàdì gan-an, kí ẹ gbọ́ ẹni tó máa gbé e.