Pa gúlóòbù yẹn ná

"Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Báàgì obìnrin ni mo ń tà n'Íléṣà, fóònù ni mo fi ń ya fọ́tò wọn. Mo ra aṣọ funfun tí mo ń gbé wọn lé, síbẹ̀ fọ́tò ń dúdú, kọ́sítọ́mà sì ń sọ pé àwọ̀ ò jọra. Ṣé kí n ra rin-láìtì ni? Apá ibo ni kí n ti máa ya báàgì?"

Àbúrò mi, má tíì ra rin-láìtì kankan o. Èmi ti rà á, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló wà báyìí. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ní òun ń kọ́ àwọn oníṣòwò ní fọ́tò yíyà ló ní kí n rà á, ọjọ́ méjì gbáko ló fi sọ̀rọ̀ kámẹ́rà tí kò sí ẹnì kan nínú wa tó lè rà á, kò fẹnu ba fèrèsé lẹ́ẹ̀kan. Tó o bá tan iná róbótó yẹn síwájú báàgì tó ń dán, òrùka funfun ló máa yọ láyà báàgì.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ yẹn lojú mi ti rí màbo. Lọ́dún 2022, obìnrin kan tó fẹ́ ṣègbéyàwó ní kí n kó báàgì mẹ́rìnlá aláwọ̀ wáìnì wá fáwọn ọ̀rẹ́ òun. Ṣọ́ọ̀bù mi ní Lágerè, n'Ífẹ̀ níbí, ni mo ti yà á, ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni, mo ṣí fèrèsé, mo tún tan gúlóòbù tó ń tàn yẹ́lò, mo rò pé bí iná bá ṣe pọ̀ tó ni fọ́tò á ṣe dáa tó. Àṣé iná méjì yẹn ń bára wọn jà ni. Ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run máa ń fi díẹ̀ ṣe búlúù, ti gúlóòbù yẹ́lò, ojú èèyàn á kàn gbójú fò ó, ṣùgbọ́n kámẹ́rà ò lè tún méjèèjì ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ti fèrèsé ló tún ṣe, bí apá ibi tí gúlóòbù tàn sí ṣe di pupa rúsúrúsú nìyẹn. Wọ́n wá fi fọ́tò yẹn lọ ra gèlè! Nígbà tí báàgì dé, ó ṣú bíi sóbò, gèlè wọn pupa bí iyẹ̀pẹ̀. Mẹ́sàn-án padà wá, mo dá owó padà, owó mọ́tò àlọ àtàbọ̀ ọrùn mi náà ló wà. Mi ò lè sùn.

Bó o ṣe máa mọ̀ rèé: fi pépà funfun sẹ́gbẹ̀ẹ́ báàgì, yà á. Tí apá kan pépà bá yẹ́lò tí apá kejì sì ń ṣe búlúù, iná méjì ló ń tàn sí i. Pa gúlóòbù. Gbé tábìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé láàárín aago mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá àárọ̀, kí ìmọ́lẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́ wá, kó má ti ẹ̀yìn rẹ wá, kó má sì ti ẹ̀yìn báàgì wá. Tí oòrùn bá ń wọlé ṣánṣán, ta kọ́tìnnì funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí i. Gbé káàdìbọ́ọ̀dù funfun sí òdìkejì fèrèsé, òun ló máa dá ìmọ́lẹ̀ padà sí apá tó ṣókùnkùn. Kí ògiri aláwọ̀ má sún mọ́ ọn o, ògiri ṣọ́ọ̀bù mi tó jẹ́ gírínì máa ń ta àwọ̀ sára báàgì funfun.

Aṣọ funfun yẹn gan-an ló ń jẹ́ kó dúdú. Tí kámẹ́rà bá rí funfun tó pọ̀, á rò pé iná ti pọ̀ jù, á dín in kù, báàgì á wá ṣú. Fi ìka tẹ báàgì lójú fóònù, má gbé ọwọ́ kúrò títí ó fi tì pa, àwọn fóònù kan máa ń kọ AE/AF LOCK, wá fa ìka sókè díẹ̀ lójú fóònù títí funfun á fi funfun, ṣùgbọ́n tó ò bá rí ojú rírán mọ́, o ti fà á jù. Tó bá jẹ́ aṣọ dúdú lo lò, òdìkejì ló máa ṣe, báàgì dúdú á dà bí eérú. Aṣọ tún máa ń wú jọ, káàdìbọ́ọ̀dù tó o tẹ̀ sẹ́yìn láìṣẹ́ ẹ ló dáa jù.

Ẹn-ẹn, o béèrè apá tá a ti ń yà á. Má sún mọ́ báàgì jù, ibi tó sún mọ́ kámẹ́rà á wú bí ikùn. Sún sẹ́yìn, fi 2x fà á wá, kí fóònù wà ní déédéé àárín báàgì. Ki ìwé ìròyìn àtijọ́ sínú rẹ̀ kó tó dúró. Iwájú, ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, ìdí, inú, sípù. Gbé fóònù míì tì í kí wọ́n rí bó ṣe tóbi tó. Lẹ téèpù mọ́ ibi tí tábìlì àti ẹsẹ̀ rẹ wà, ibẹ̀ ni kó o máa dúró sí nígbà gbogbo, kí gbogbo fọ́tò lè jọra.

Má sì fi fílítà sí i, wọn á tún yí àwọ̀ padà. Kó o tó kọ orúkọ àwọ̀ sábẹ́ fọ́tò, gbé báàgì náà lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn, fi fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wo méjèèjì pọ̀.