Gbólóhùn mẹ́ta péré: báwo ni fírílánsì ṣe máa fi iṣẹ́ ìwé kíkọ lọ oníṣòwò kékeré?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Fírílánsì ni mí, mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ fáwọn oníbísínẹ́ẹ̀sì. Mo ti fi mẹ́séèjì ránṣẹ́ sáwọn bí ogún, wọ́n á kà á tán wọn ò ní fèsì. Ẹnì kan ní ó ti gùn jù, pé kí n kó o sínú gbólóhùn mẹ́ta. Mo gbìyànjú ẹ̀ títí, kò bọ́ sí i. Kí ló yẹ kó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan?

Ìdáhùn: Àbúrò, jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ẹni tó fẹ́ ka mẹ́séèjì yẹn ná. Oníṣòwò kékeré, òun ni ọ̀gá, òun náà ni akọ̀wé, òun ló ń ra ọjà, òun ló ń dá kọ́sítọ́mà lóhùn, torí náà orí ìdúró ló ti máa rí ọ̀rọ̀ ẹ, ó sì lè má tiẹ̀ ṣí i, ìlà àkọ́kọ́ tó yọ lójú fóònù ló máa fi pinnu bóyá kóun ṣí i àbí kóun fi í sílẹ̀ di tó bá yá, tí "tó bá yá" ọ̀hún ò sì ní dé. Tó bá wá jẹ́ pé "Orúkọ mi ni báyìí, mo ti ń kọ̀wé láti ọdún márùn-ún" ló wà ní ìlà yẹn, ọ̀rọ̀ tìẹ nìyẹn, kò kàn án.

Tún rántí pé kò jí láàárọ̀ kó máa wá òǹkọ̀wé o. Ohun tóun mọ̀ ni pé òun ń dáhùn ìbéèrè kan náà lójoojúmọ́ ó sì ti sú òun, tàbí pé àwọn èyàn ń wo ọjà òun lórí fóònù, wọ́n á ní "ó dáa o", wọ́n á sì kọjá lọ. Ohun tí gbólóhùn mẹ́ta yẹn wà fún ni pé kó rí i pé ìwé kíkọ tìẹ lè gbé ọ̀kan nínú ẹrù yẹn kúrò lórí òun.

Gbólóhùn kìíní, ohun tó o rí lọ́dọ̀ ẹ̀ ni. Ibẹ̀ ni kó o lo àkókò sí jù. Kó o tó kọ nǹkan kan, jókòó bí ogún ìṣẹ́jú ti ojú ìwé ẹ̀ lórí ayélujára, má wo bó ṣe kọ ọ̀rọ̀ tiẹ̀, ohun táwọn kọ́sítọ́mà kọ sábẹ́ ẹ̀ ni kó o kà. Kí ni wọ́n ń bi í léraléra? Ìbéèrè wo ló wà níbẹ̀ tí kò tíì dáhùn? Kí ni ẹni tó ti ra ọjà rí fi ń yìn ín, tóun fúnra ẹ̀ ò sì kọ síbì kankan? Nǹkan wọ̀nyí ni wúrà, torí ẹnu àwọn tó ń náwó ló ti jáde, kò lè jiyàn ẹ̀, kò sì ní dà bíi pé àjèjì kan wá ń tọ́ka àbùkù òun.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ lórí àbùkù yẹn. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo kọ̀wé sí obìnrin kan tó ń ránṣọ, mo ní mo rí àṣìṣe mẹ́rìnlá nínú ọ̀rọ̀ tó kọ sórí wẹ́bùsáìtì ẹ̀, mo sì to gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òótọ́ ni mo sọ, mo tiẹ̀ rò pé ìrànlọ́wọ́ ni mò ń ṣe. "Ẹ ṣé" ló fi dá mi lóhùn, ó sì bùlọ́ọ̀kì mi. Ìgbà tó pẹ́ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi pé òun fúnra ẹ̀ ló jókòó lóru kọ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́yìn tó ránṣọ tán, èmi wá jí dé mo ní kò dáa. Látìgbà náà mi ò fi àṣìṣe ìwé bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ẹnikẹ́ni mọ́, tó bá gbé iṣẹ́ fún mi, màá tún un ṣe láìpariwo.

Bó o ṣe máa mọ̀ bóyá gbólóhùn kìíní ti tó: mú un, fojú inú gbé e fún ẹlòmíì tó ń ta irú ọjà kan náà. Tó bá ṣì bá tọ̀hún mu, kò tíì tó. "Mo rí i pé iṣẹ́ yín dáa gan-an", ta ni kò bá mu?

Gbólóhùn kejì ni ibi tí ìwọ fúnra ẹ ti máa wọlé, ohun tó o lè ṣe sí nǹkan tó o rí yẹn àti ẹ̀rí pé o lè ṣe é. Ohun kan ṣoṣo o, tó ní ìwọ̀n. Àwọn tó pọ̀ jù máa ń to gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ síbẹ̀, àlàyé ọjà, ìwé ìròyìn, ọ̀rọ̀ ìpolówó, ìtàn ilé iṣẹ́, orí ẹni tó ń kà á á sì dàrú, kò ní mọ èyí tóun fẹ́, kò ní mú ìkankan. Tó o bá ti ṣe irú iṣẹ́ yẹn rí fẹ́nì kan, fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ sọ ọ́ nínú ẹ̀. Tó ò bá tíì ṣe é rí, kọ díẹ̀ nínú tiẹ̀ sílẹ̀ kó o tó ránṣẹ́, ìyẹn gan-an ni ẹ̀rí. Díẹ̀ ni mo wí, ohun tó o lè kọ láàárín wákàtí kan. Tó o bá kọ gbogbo ẹ̀ tán lọ́fẹ̀ẹ́, kò sí ohun tó kù tó máa sanwó fún.

Má sì ṣèlérí pé ọjà ẹ̀ máa tà ju ti tẹ́lẹ̀. Ìwọ kọ́ lo fi iye lé ọjà, ìwọ kọ́ lò ń gbé e lọ fún kọ́sítọ́mà, o ò mọ bóyá ọjà ọ̀hún tiẹ̀ dáa. Ohun tí ọwọ́ ẹ ká ni kí ẹni tó ń kà á rí ìdáhùn tó ń wá. Ìyẹn lo lè fọwọ́ sọ̀yà ẹ̀.

Gbólóhùn kẹta, ìbéèrè ni, kó sì jẹ́ èyí tó lè fi ọ̀rọ̀ kan dáhùn níbi tó dúró sí. "Mò ń retí yín" kì í ṣe ìbéèrè. "Ìgbà wo la lè sọ̀rọ̀ lórí fóònù?" le jù fún ẹni tí kò mọ̀ ẹ́ rí, torí ó máa ní láti wá àyè, kó sì fún ẹ ní wákàtí tó lè fi tajà. Ohun tó yẹ kó o béèrè ni ìyọ̀ǹda láti fi nǹkan tó o ti ṣe hàn án.

Jẹ́ ká mú ẹnì kan ká fi ṣe é. Ká ní káfíńtà kan ló wà níwájú ẹ, ó ń kan bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù, fọ́tò ẹ̀ pọ̀ lórí ayélujára, àmọ́ ohun kan náà ló ń kọ sábẹ́ gbogbo ẹ̀, "Iṣẹ́ ọwọ́ wa rèé, ẹ pè wá." O ka kọ́mẹ́ǹtì abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mẹ́sàn-án tó gbé síta kẹ́yìn. Lábẹ́ méje nínú ẹ̀, ẹnì kan ti béèrè bó ṣe fẹ̀ tó tàbí iye ọjọ́ tó máa gbà. Ó dá àwọn kan lóhùn, àwọn kan ò rí èsì kankan. O wá mú bẹ́ẹ̀dì méjì, o kọ àlàyé ìlà mẹ́rin mẹ́rin fún wọn: irú èyàn tó wà fún, irú igi tó jẹ́ bí òun fúnra ẹ̀ bá ti dárúkọ igi náà níbì kan, bó ṣe fẹ̀ tó, ọjọ́ tó ń gbà. Ibi tí ìwọ̀n àti ọjọ́ yẹ kó wà, fi àlàfo sílẹ̀. Má hùmọ̀ nọ́ńbà o, torí ẹni tó bá wọn yàrá ẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà tó o hùmọ̀, ọ̀dọ̀ káfíńtà yẹn ló máa gbé ìjà lọ. Mẹ́séèjì ẹ wá rèé:

"Ẹ kú iṣẹ́ sà, lábẹ́ méje nínú bẹ́ẹ̀dì mẹ́sàn-án tẹ́ ẹ gbé síta kẹ́yìn, àwọn èyàn ń béèrè bó ṣe fẹ̀ tó tàbí iye ọjọ́ tó ń gbà, àwọn míì ò sì tíì rí èsì. Èmi máa ń kọ àlàyé ọjà, mo sì ti kọ ìlà mẹ́rin mẹ́rin fún méjì nínú wọn, tẹ́ ẹ bá ti fi ìwọ̀n yín sí i, ẹni tó bá rí fọ́tò ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè. Ṣé kí n fi méjèèjì ránṣẹ́ síbí kẹ́ ẹ wò ó?"

Ìyẹn náà ló tán. Kò sí lìǹkì níbẹ̀, torí lìǹkì látọ̀dọ̀ ẹni téèyàn ò mọ̀ rí, gbájú-ẹ̀ ló máa kọ́kọ́ rò. Kò sí iye owó níbẹ̀ náà, àwọn míì máa ń fi í sí i, ṣùgbọ́n lójú tèmi o ò tíì mọ bí iṣẹ́ náà ṣe pọ̀ tó, òun náà ò tíì mọ ohun tó fẹ́ rà. Kà á sókè kó o tó fi ránṣẹ́. Tí èémí bá gé ẹ láàárín gbólóhùn kan, àmì ìdánudúró lo fi ka gbólóhùn ẹ sí mẹ́ta, àmọ́ márùn-ún ló wà níbẹ̀, lọ gé e.

Tó o bá ti fi irú ẹ̀ ránṣẹ́ sí bí ẹni mẹ́wàá, tí wàá sì wo ojú ìwé ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ o, èsì ni yóò sọ ibi tó ti wọ́. Tí kò sẹ́ni tó fèsì rárá, gbólóhùn kìíní ni kó o tún wò, tàbí kó jẹ́ pé ẹlòmíì ló ń bá wọn mójú tó àpótí mẹ́séèjì yẹn. Tí wọ́n bá ń bi ẹ́ pé "Kí lẹ̀ ń tà gan-an?", gbólóhùn kejì ló dàrú. Tó bá jẹ́ "Ó dáa, ẹ ṣé" ni wọ́n ń sọ ṣáá, o ò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ wọn nìyẹn. Ẹni tó bá dákẹ́, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan o lè ránṣẹ́ sí i lẹ́ẹ̀kan sí i, àmọ́ mú nǹkan tuntun tó o rí dání, má kọ "ṣé ẹ rí mẹ́séèjì mi?" Tó bá tún dákẹ́, fi í sílẹ̀.

Ká wá ní káfíńtà yẹn sọ pé "Ó ya, fi ránṣẹ́." Lẹ àlàyé méjèèjì mọ́ inú mẹ́séèjì tààrà, má ṣe é ní fáìlì, kó lè kọ́pì ẹ̀ lójú ẹsẹ̀ kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ fọ́tò. Ìbéèrè tó máa tẹ̀ lé e ni "Èló lẹ máa gbà?", ó sì yẹ kí ìdáhùn ti wà lẹ́nu ẹ kó tó débẹ̀: iye kan pàtó fún àlàyé ọjà mẹ́wàá àkọ́kọ́, ọjọ́ tó o máa kó o dé, àtúnṣe ẹ̀ẹ̀kan nínú ẹ̀. Má ní kó sọ iye tó ní lọ́wọ́. Tó bá ní ó ti wọ́n jù, dín iye ọjà kù sí márùn-ún, má fọwọ́ kan iye tó ò ń gbà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.