Tẹ́míná 2 kì í ṣe MM2: ibo la ti ń pàdé ẹni tó ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Àbúrò mi obìnrin ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù lọ́jọ́ Ẹtì. Mo rí Tẹ́míná 3 àti Tẹ́míná 2 lórí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, dírẹ́bà wa sì ní MM2 lòun mọ̀. Ibo gan-an ni ká ti dúró dè é? Ìyá Ìbejì, Bódìjà.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìmúra àlejò, mà. Ẹ sọ fún dírẹ́bà kó má yà sí MM2 rárá. Ọkọ̀ òfuurufú abẹ́lé ni MM2 wà fún láti 2007 tí wọ́n ti ṣí i. Tẹ́míná 2 ní tirẹ̀ ni ilé tí wọ́n ṣí ní 2022 fún àwọn tó ń lọ sí òkè òkun àti àwọn tó ń ti ibẹ̀ bọ̀. Ìkẹja ni méjèèjì wà, ṣùgbọ́n ọ̀nà wọn yàtọ̀, èèyàn ò sì lè ru ẹrù rìn láti ọ̀kan dé èkejì. Méjì tó wà nínú orúkọ wọn ló ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Bàbá kan láti Mọ́níyà, oníbàárà mi, dúró ní MM2 fún wákàtí méjì nígbà kan, ọmọ rẹ̀ sì jókòó sórí báàgì lọ́hùn-ún. Ìgbà tó wo pátákó tó rí i pé Àbújá àti Kánò nìkan ló wà níbẹ̀ ló tó fura.

Tẹ́míná 3 tí ẹ rí, ti Lọ́ńdọ̀nù ni, ibi tí àbúrò yín ti máa wọkọ̀. Bí tíkẹ́ẹ̀tì bá kọ `LHR Terminal 3 10:30`, tí ìlà kejì sì kọ `LOS Terminal 2 17:05`, ìlà tó ní `LOS` ni tiyín. Èkó nìyẹn.

Síbẹ̀, ó lè ti pẹ́ tí wọ́n ti ra tíkẹ́ẹ̀tì yẹn, wọ́n sì máa ń gbé ọkọ̀ kúrò nínú ilé kan lọ sí òmíràn. Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ẹ gba nọ́ńbà ọkọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀: ó sábà máa ń jẹ́ lẹ́tà méjì tí nọ́ńbà tẹ̀ lé, kì í ṣe kóòdù oní lẹ́tà tàbí nọ́ńbà mẹ́fà tí wọ́n fi ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sí `Flight status` lórí ìkànnì ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ náà. Bí ẹ bá rí `Operated by`, orúkọ tó tẹ̀ lé e ni ilé-iṣẹ́ tó ń gbé e bọ̀ gan-an. Ìkànnì tiwọn ni kí ẹ lọ. Ẹ tún un wò kí ẹ tó kúrò ní Ìbàdàn, èmi á sì fẹ́ kí ẹ kúrò ní agogo méjìlá ọ̀sán nítorí gó-siló.

Aago márùn-ún tí ọkọ̀ balẹ̀ kọ́ ló máa jáde o. Ìwé àṣẹ ìwọ̀lú àti ẹrù lè gbà ju wákàtí kan lọ. Kí dírẹ́bà gbé mọ́tò sí ibi ìgbọ́kọ̀sí, torí wọ́n ń fi ọkọ̀ wọ́ mọ́tò tó bá dúró síwájú ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀yin ni kí ẹ dúró nísàlẹ̀, níbi tí àwọn tó dé ti ń jáde. Òkè ni ti àwọn tó ń lọ. Fóònù rẹ̀ lè má ṣiṣẹ́ tó bá dé, nítorí náà ẹ bá a fi ibẹ̀ ṣe àdéhùn kó tó wọkọ̀, kí ẹ sì fi àwọ̀ mọ́tò àti nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí i.