Èló gan-an lẹ ń rí ní wákàtí kan?

"Iṣẹ́ dísáìnì ni mò ń ṣe nílé ní Yábà. ₦6,000 ni mò ń gbà ní wákàtí kan, wákàtí 90 sì ni àwọn oníbàárà máa ń sanwó fún lóṣù. Kí ló dé tí owó náà kì í tó mi lò?"

Ẹ kọ́kọ́ yẹ wákàtí yẹn wò ná, kẹ́ ẹ tó wo owó. Fún oṣù kan gbáko, ẹ máa kọ gbogbo àkókò tí iṣẹ́ ń gbà sílẹ̀: èsì lórí Wásáàpù, dídá iye owó lé iṣẹ́ fún ẹni tí kò padà wá mọ́, àtúnṣe ọ̀fẹ́, bíbẹ oníbàárà pé kó sanwó. Tí ìpàdé wákàtí kan ní Ìkòyí bá gba wákàtí mẹ́rin nítorí sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ orí afárá, mẹ́rin ni kẹ́ ẹ kọ. Ojú ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa kọ ọ́, torí ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá yẹn gan-an lèèyàn ń gbàgbé. Ká ní gbogbo ẹ̀ jẹ́ wákàtí 160.

Owó tó wọlé jẹ́ ₦540,000. Ẹ yọ dátà ₦30,000, pẹtiróòlù jẹnẹrétọ̀ ₦60,000 (ìwọ̀n tí iṣẹ́ lò nìkan, kì í ṣe ti fíríìjì ilé), àwọn áàpù ₦20,000 àti owó ọkọ̀ ₦20,000. Ó ku ₦410,000. Ẹ tọ́jú rìsíìtì wọn o.

Ọdọọdún ni wọ́n ń ṣírò owó orí, èrè ni wọ́n sì ń bù ú lé, kì í ṣe gbogbo owó tó wọlé. Èrè ọdún kan yóò jẹ́ ₦4,920,000. Tẹ́ ẹ bá ń san ₦1,000,000 owó ilé, òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2026 gbà yín láyè láti yọ ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀, ìyẹn ₦200,000. Nínú ₦4,720,000 tó kù, ₦800,000 àkọ́kọ́ kò ní owó orí, ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e ń san ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyókù ń san ìdá 18. Ó jẹ́ ₦639,600, tàbí ₦53,300 lóṣù. Àkáǹtì ọ̀tọ̀ ni kẹ́ ẹ máa fi sí lọ́jọ́ tí owó bá ti wọlé.

Láàpútọ́ọ̀pù náà ń gbó. Tó bá jẹ́ ₦900,000, tẹ́ ẹ sì fẹ́ lò ó fún ọdún mẹ́ta, ẹ ya ₦25,000 sọ́tọ̀ lóṣù. ₦331,700 ló kù lọ́wọ́. Ẹ pín in sí 160, kì í ṣe 90: nǹkan bíi ₦2,073 ni.

Kó tó lè di ₦3,000, ẹ ní láti máa gba nǹkan bíi ₦8,000. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ gba ìdajì owó kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, tẹ́ ẹ sì fi àtúnṣe mọ sí ẹ̀ẹ̀mejì, tí 160 wá di 130, ₦6,000 yín yóò mú nǹkan bíi ₦2,552 wá láìfi kọ́bọ̀ kan lé e. Ibẹ̀ ni n bá ti bẹ̀rẹ̀, torí oníbàárà àtijọ́ kì í tètè gba owó tuntun.